Lántánà ìyá àgbà: bí ìwé, fọ́tò àti ìtàn ilé ṣe ń gbé iye ohun àtijọ́ sókè tàbí kó fà á wálẹ̀

Ìyá kan ṣaláìsí ní Ìlọrin níbí, ọmọ mẹ́ta ló fi sáyé lọ, ọkùnrin kan àti obìnrin méjì. Ilé ò dá wàhálà sílẹ̀, owó báǹkì ò dá wàhálà sílẹ̀, okùn lántánà kan tó wà nínú páànù mílíìkì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá ló fẹ́ẹ̀ da ilé rú. Ọmọbìnrin tó jẹ́ àgbà ló fẹ́ mú un gẹ́gẹ́ bí ara ìpín tiẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ò ta kò ó, ó kàn ní kí wọ́n kọ́kọ́ mọ iye tó jẹ́ ni. Bí wọ́n ṣe ránṣẹ́ pè mí nìyẹn, torí wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ẹbí to ìwé àti ẹrù àtijọ́ wọn.

Ẹni tí ò bá mọ lántánà, ìlẹ̀kẹ̀ òkúta pupa ni, òkúta gidi tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Ìlọrin máa ń ṣá, tí wọ́n á lu ihò sí, tí wọ́n á wá lọ̀ títí á fi dán. Àwọn tó sá kúrò ní Ọ̀yọ́ Ilé ló gbé iṣẹ́ náà wọ̀lú, ó gbilẹ̀ gan-an ní Ìlọrin láyé ìgbà tí àwọn òyìnbó ò tíì dé, nígbà tó yá ni ìlẹ̀kẹ̀ òkè òkun wá gba ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọba ń wọ̀ ọ́, olówó ń wọ̀ ọ́, ìyàwó ọ̀ṣìngín náà ń wọ̀ ọ́.

Àwọn ẹbí yìí ní ohun mẹ́ta yàtọ̀ sí ìlẹ̀kẹ̀ fúnra ẹ̀: ìwé méjì, fọ́tò kan, àti ìtàn tó pọ̀ bí eṣú. Ọ̀kan nínú ìwé yẹn gbé iye ìlẹ̀kẹ̀ sókè, èkejì fẹ́ẹ̀ ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Ìtàn tó lórúkọ ọba nínú wó lulẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ìtàn kékeré kan tí ẹnikẹ́ni ò kà sí ló wá dúró. Màá to bá a ṣe ṣe é lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹ lè fi ṣe tiyín bóyá aṣọ òfì ni o, ère ni o, idà ni o, wàláà ni o.

Ẹ kọ ohun tó wà nílẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ ìtàn kankan

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìṣe. Wọ́n á ti jókòó gbọ́ ìtàn tán kí wọ́n tó wo nǹkan náà, ojú wọn á wá máa rí ohun tí etí wọn ti gbọ́. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bíi pé ẹ ò mọ ẹni tó ni ín.

Mo tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì nítòsí fèrèsé, mo ka ìlẹ̀kẹ̀ náà, 23 ni. Mo fi rúlà wọn gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fún wọn ní nọ́ńbà láti ibi ìdè lọ yíká, mo ya fọ́tò ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo wá mú tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo fi ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan lé iná náà lórí nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Òkúta tí wọ́n fi ń ṣe lántánà kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ la inú ẹ̀ já, bí iná bá la òkúta pupa já tó ń pọ́n wẹ̀wẹ̀ bí epo tí oòrùn ràn sí, irú òkúta mìíràn nìyẹn, ó sì lè jẹ́ gíláàsì pàápàá. 19 nínú ẹ̀ ò jẹ́ kí iná kọjá, mẹ́rin jẹ́ kó kọjá.

Lẹ́yìn ìyẹn mo wo ihò. Àwọn àgbà máa ń lu ìlẹ̀kẹ̀ láti ìhà méjèèjì kí ihò lè pàdé láàárín, torí náà ẹnu ihò máa ń fẹ̀ ju inú lọ, ibi tí wọ́n ti pàdé sì máa ń wọ́ díẹ̀, bí ẹ bá fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tọ inú ẹ̀ wò ẹ máa mọ̀ ọ́n lára. Ihò ẹ̀rọ òde òní máa ń gún tààrà, ó sì dọ́gba láti orí dé ìdí. Àwọn 19 yẹn ní ihò tó wọ́, àwọn mẹ́rin yẹn gún gbọnrangandan. Mi ò tíì sọ fẹ́nikẹ́ni ohun tí mo rí, mo kàn kọ ọ́ sínú ìwé mi. Mo tún kọ ọ́ pé ìlẹ̀kẹ̀ nọ́ńbà 11, èyí tó gùn jù tó wà láàárín, etí ẹ̀ kan ti kán níbi kan, ojú ibi tó kán sì ti dán, tó fi hàn pé ó ti pẹ́ tó ti kán.

Ẹ má fọ nǹkan kan o. Ẹ má fi ọṣẹ, ẹ má fi òróró, ẹ má tún un sín sínú okùn tuntun kí wọ́n tó wò ó. Okùn àtijọ́ àti ìdọ̀tí inú ihò wà lára ẹ̀rí.

Ìtàn: ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó fi fọ́tò hàn wọ́n

Bí ẹ bá kó gbogbo ẹbí jọ sí pálọ̀ kan tí ẹ ní "ẹ sọ ìtàn ìlẹ̀kẹ̀ yìí fún wa", ìtàn ẹni tóhùn ẹ̀ rinlẹ̀ jù lẹ máa gbọ́, ìyókù á máa mi orí. Mo bá ènìyàn mẹ́rin sọ̀rọ̀, olúkúlùkù lọ́tọ̀, mo fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀ lẹ́yìn tí mo tọrọ àyè. Mi ò béèrè pé "ṣé òótọ́ ni pé ọba ló fún ìyá àgbà?" torí ẹni tí ẹ bá béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ ti gba ìdáhùn lẹ́nu yín tán. Ohun tí mo ń béèrè ni: "Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀ nípa lántánà màmá." Bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ tán, mo máa ń bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo lórí gbogbo ohun tí wọ́n sọ, "Ṣé ẹ fojú ara yín rí i ni àbí wọ́n sọ fún yín, ta ló sọ ọ́?" Ìbéèrè yìí ló máa ń ya ẹlẹ́rìí sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́yìn.

Èyí tí ẹ̀gbọ́n ọkùnrin tẹnu mọ́ ni pé Ẹ́míà Sulu Gambari ló fún ìyá àgbà, ìyẹn ìyá ìyá olóògbé, ní ìlẹ̀kẹ̀ náà nígbà tó ń ṣègbéyàwó. Ó dáa, ta ló sọ fún un? Bọ̀dá kan nínú ẹbí. Ta ló sọ fún bọ̀dá? Kò mọ̀.

Àbúrò olóògbé, Àlájà kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó ń gbé Gànmọ̀, kò dárúkọ ọba kankan. Ohun tí màmá yìí sọ rèé, bó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́: "Ìyá àgbà wa ló ni ín, ìyá wa ló jogún ẹ̀. Èmi ni mo já a lọ́jọ́ kan, mi ò ju bí ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, mo fi ń ṣeré nídìí ọlọ, ó já bọ́, èyí tó gùn jù gbá etí ọlọ, etí ẹ̀ kán. Ìyá wa lù mí lọ́jọ́ náà, àmì ẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi." Ó fà ìró sókè, ó fi àpá kékeré kan hàn mí lójúgun. Mi ò tíì gbé ìlẹ̀kẹ̀ dé Gànmọ̀ nígbà yẹn, mi ò sì tíì sọ pé ìkankan kán.

Kí ẹ tó gba ìtàn gbọ́, ẹ wọn ọjọ́ inú ẹ̀. Tí wọ́n bá dárúkọ ọba, ẹ wá ọdún tó jẹ. Ẹ́míà Abdulkadir wà lórí oyè títí di 1959, ọdún yẹn náà ni Sulu Gambari jẹ. Bí ìyá àgbà bá ti ṣègbéyàwó kí ọmọ ẹ̀ tó bí olóògbé yìí, tó fẹ́ẹ̀ pé ọgọ́rin ọdún kó tó kú, ẹ̀bùn ìgbéyàwó láti ọwọ́ Ẹ́míà tó jẹ ní 1959 ò ṣeé ṣe rárá. Mi ò sọ pé bọ̀dá yẹn purọ́. Ìtàn ilé máa ń fa orúkọ ńlá mọ́ra bí ọdún ti ń gorí ọdún, ẹni tó sọ ọ́ lè fi gbogbo ọkàn gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n tí a bá fi í sínú ìwé tí a fẹ́ gbé lé ẹni tó mọṣẹ́ lọ́wọ́, ojú àkọ́kọ́ ló máa fi já a, ojú tó sì fi wo èyí ló máa fi wo ìtàn Àlájà náà.

Ìwé: ẹ wò ó bóyá ọjọ́ inú ẹ̀ bá ara ẹ̀ mu

Ìwé àkọ́kọ́ jẹ́ tákàdá kan tó ti pọ́n, tí wọ́n ká sí mẹ́rin, tí wọ́n fi tàdáwà kọ. Ànjẹmí ni, ìyẹn Yorùbá tí wọ́n fi háráfì Lárúbáwá kọ, àlùfáà tó pín ogún ìyá àgbà ló kọ ọ́. Ilé Ìlọrin tó ní irú ìwé báyìí pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ, inú Kùránì àtijọ́ tàbí inú àpò àlùfáà ló máa ń wà, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ò lè kà á sì máa ń rò pé àdúà ni. Ẹ gbé e lọ fún àlùfáà tó lè ka ànjẹmí, ó sàn kí ó jẹ́ àlùfáà tí kì í ṣe ará ilé, ẹ má sọ ohun tí ẹ ń wá fún un.

Àlùfáà tó bá wa kà á rí ọdún 1371 lábẹ́ ẹ̀. Ọdún Hijra nìyẹn. Bí a ṣe ń yí i sí ọdún òyìnbó láìlo kàlẹ́ńdà ni pé kí ẹ fi 0.97 mú u lọ́pọ̀, kí ẹ wá fi 622 kún un. 1371 lọ́nà 0.97 jẹ́ nǹkan bí 1330, ẹ fi 622 kún un, 1952. Ní pàtó, ọdún 1371 bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹwàá 1951, ó parí ní Oṣù Kẹsàn-án 1952. Nínú àwọn ẹrù tí wọ́n pín, ìlà kan sọ pé "lántánà okùn kan, 19", ọmọbìnrin ìyá àgbà, ìyẹn ìyá Àlájà Gànmọ̀, ló kàn. 19 o! Iye tí tọ́ọ̀ṣì àti ihò ti yà sọ́tọ̀ fún mi nìyẹn kí n tó mọ̀ pé ìwé kankan wà.

Ìwé kejì jẹ́ rìsíìtì, ẹnì kan nínú ẹbí ló gbé e jáde nígbà tí ọ̀rọ̀ iye bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ó ní ọdún 1958 ni wọ́n ra lántánà náà lọ́wọ́ oníṣòwò kan, owó ńlá sì ni. Ó lẹ́wà lójú. Ṣùgbọ́n orí ìwé náà kà pé Ìlọrin, Ìpínlẹ̀ Kwara, owó tí wọ́n kọ síbẹ̀ sì jẹ́ náírà. Oṣù Karùn-ún 1967 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀, kódà West Central ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Ní 1958, abẹ́ Ẹkùn Àríwá ni Ìlọrin wà, pọ́n-ùn, ṣílè àti pẹ́nì là ń ná, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni náírà tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má yára pe ènìyàn ní olè nítorí èyí. Ìgbà míì ẹnì kan á ti da ìwé àtijọ́ kọ sórí tákàdá tuntun torí pé ìkán ti ń jẹ ti tẹ́lẹ̀, kò sì ní mọ̀ pé ó yẹ kí òun kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀dà ni. Ẹ béèrè. Bó bá jẹ́ ẹ̀dà, ta ló dà á kọ, nígbà wo, níbo ni ojúlówó wà? Nínú ọ̀rọ̀ tiwa, kò sẹ́ni tó rí ìdáhùn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, rìsíìtì yẹn bá ìwé àlùfáà jà. Bí wọ́n bá jogún lántánà ní 1952, kí ni wọ́n tún ń rà ní 1958? Ìwé méjì tó ń ta ko ara wọn burú ju kí ìwé má sí rárá lọ, torí pé ẹni tó ń wò ó á máa rò pé ìdílé yìí lágbára láti ṣe ìwé, nígbà náà kí ló dé tí ti àlùfáà náà ò fi ní jẹ́ àtọwọ́dá?

Ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n má ya rìsíìtì náà, kí wọ́n má sì fi pa mọ́. Wọ́n fi í sínú áńfílóòpù tiẹ̀, wọ́n kọ ìdí tí wọn ò fi gbà á sí ara áńfílóòpù, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú àwọn ìwé tó ń jẹ́rìí. Bí ẹlòmíì bá gbé e jáde lọ́jọ́ iwájú, ìdáhùn ti wà nílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí dùn mí gan-an ni mo ṣe ń sọ ọ́: ẹ má lọ láminéètì ìwé àtijọ́. Ọmọkùnrin ilé yẹn ti gbé ìwé àlùfáà dé iwájú ṣọ́ọ̀bù kí àbúrò ẹ̀ tó pè é padà. Iná ẹ̀rọ yẹn á sè é, náílọ́ọ̀nù á lẹ̀ mọ́ ọn títí láé, kò sẹ́ni tó tún máa lè wo tákàdá àti tàdáwà ẹ̀ dáadáa mọ́. Bákan náà, ẹ má fi bírò tọ ojú ìkọ̀wé tó ti ń parẹ́, ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó ya. Mo ti rí ìwé àdéhùn ilẹ̀ kan tí bàbá kan fi bírò tọ nítorí kó lè hàn kedere, lọ́yà tó wò ó ní kọ́ọ̀tù sọ pé wọ́n yí i ni, bàbá yẹn ò sì rí ọ̀nà fi hàn pé ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ náà ló tọ̀.

Fọ́tò: ẹ béèrè ohun tó lè jẹ́rìí sí, àti ohun tí ò lè jẹ́rìí sí

Fọ́tò náà jẹ́ funfun àti dúdú, etí ẹ̀ rí jágijàgi, olóògbé fúnra ẹ̀ ló wà nínú ẹ̀ lọ́jọ́ wọ́lìmọ̀ ẹ̀, ó jókòó, wàláà wà lórí itan, lántánà wà lọ́rùn. Wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ 1964 sẹ́yìn ẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ wo tákàdá fọ́tò. Ẹ yá tọ́ọ̀ṣì tí àwọn oníṣòwò fi ń yẹ náírà wò, èyí tí iná ẹ̀ jẹ́ búlúù sí pọ́pù, ẹ tàn án sí ẹ̀yìn fọ́tò nínú òkùnkùn. Láti àárín àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti ń po ohun tó ń mú tákàdá fọ́tò funfun bí ẹyin mọ́ ọn, irú tákàdá bẹ́ẹ̀ máa ń tàn yòò lábẹ́ iná yẹn. Fọ́tò tiwa tàn, ó sì bá 1964 mu. Ká ní wọ́n ní 1930 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ ni, tó wá ń tàn báyẹn, a jẹ́ pé wọ́n tún un tẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà ni, kì í ṣe pé fọ́tò náà jẹ́ irọ́, ó kàn jẹ́ pé tákàdá yìí kọ́ ni ti 1930. Èyí tó bá ń dán tí ẹ̀yìn ẹ̀ rọ̀ bí náílọ́ọ̀nù, ìparí àwọn ọdún 1960 lọ sókè ni irú ẹ̀ dé.

Ohun kejì, àwọ̀. Ẹ ò lè fi fọ́tò funfun àti dúdú mọ lántánà yàtọ̀ sí iyùn, méjèèjì á kàn ṣókùnkùn ni. Mo ti gbọ́ kí ènìyàn máa búra pé "iyùn Ẹ́míà nìyí, ẹ wo bó ṣe dúdú nínú fọ́tò." Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi àwọ̀ sílẹ̀, ẹ wá àmì.

Mo sìkáànù fọ́tò náà ní 1200 dpi, mo fẹ ibi ọrùn gbòòrò. Ìlẹ̀kẹ̀ 13 ló hàn, ìyókù wà lẹ́yìn ọrùn àti lábẹ́ gèlè. Ẹ má ka ohun tí ò hàn mọ́ ọn. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra, torí gbogbo ìgbà tí okùn bá já ni wọ́n máa ń tún un sín, ìtò á yí padà. Èyí tó ṣeé gbé ara lé ni ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan fúnra ẹ̀: gígùn sí ìbú, ẹ̀gbẹ́ tó wọ́, ibi tó kán. Nínú fọ́tò, ìlẹ̀kẹ̀ tó gùn jù wà ní àárín àyà, igun ìsàlẹ̀ ẹ̀ ní ọwọ́ òsì ṣófo, bí ẹni pé eku bu u jẹ. Mo gbé nọ́ńbà 11 síwájú fóònù, mo yí i títí ó fi kọjú bí tinú fọ́tò, mo jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́ kan náà, mo ya á. Nígbà tí mo gbé àwòrán méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, etí tó kán yẹn bára mu débi pé ọmọbìnrin tó jẹ́ àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò yẹn, ìyá wọn ò tíì pé ogún ọdún.

Ẹ tún rí i dájú pé wọn ò tẹ fọ́tò náà sódì, torí bí wọ́n bá yí fíìmù padà, òsì á di ọ̀tún. Ẹ wo ìkọ̀wé orí wàláà, bí háráfì bá lọ láti ọ̀tún sí òsì bó ṣe yẹ, fọ́tò náà dúró dáadáa. Tiwa dúró.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra jù rèé. Fọ́tò jẹ́rìí pé ó wọ̀ ọ́, kò jẹ́rìí pé òun ló ni ín. Ìyàwó Ìlọrin máa ń yá ìlẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́ àǹtí, lọ́wọ́ ìyá ọkọ, lọ́wọ́ aládùúgbò, òun nìkan sì kọ́. Àwọn fótógíráfà àtijọ́ náà máa ń ní aago, rédíò, ìlẹ̀kẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tí gbogbo oníbàárà ń lò. Bí ẹ bá rí fọ́tò ẹlòmíràn láti ṣọ́ọ̀bù kan náà tí ìlẹ̀kẹ̀ kan náà wà lọ́rùn ẹ̀, ẹ dúró ná. Ohun tó gbà wá lọ́wọ́ iyèméjì yìí ni ìwé àlùfáà, tó ti gbé lántánà 19 fún ìyá ọmọ inú fọ́tò yìí ní ọdún méjìlá ṣáájú. Ìwé yẹn nìkan ò lè sọ irú 19 tó ń sọ, fọ́tò nìkan ò lè sọ ẹni tó ni ín, ìtàn Àlájà nìkan ò ju ọ̀rọ̀ àgbàlagbà kan lọ. Etí tó kán yẹn ló so wọ́n pọ̀: Àlájà sọ bó ṣe kán láìrí i, fọ́tò fi hàn pé ó ti kán kó tó di 1964, òun fúnra ẹ̀ sì wà lórí tábìlì.

Bó ṣe kan owó

Kí a tó ṣe gbogbo èyí, obìnrin kan tó ti ń ta ìlẹ̀kẹ̀ láti bí ọgbọ̀n ọdún wo okùn náà, ó ní òkúta pupa lásán ni òun máa kà á sí, ₦160,000 fún gbogbo ẹ̀. Kò ṣìwà hù, ìlẹ̀kẹ̀ ilẹ̀ òkèèrè tó jọ lántánà kún ọjà, ẹni tí ò bá rí ẹ̀rí kò ní san owó ojúlówó. Ẹni tó gbé rìsíìtì jáde ní ₦2,000,000 ló yẹ kó jẹ́, nítorí ọba. Nígbà tí mo padà lọ bá ìyá oníìlẹ̀kẹ̀ pẹ̀lú ohun tí a rí, ó gba 19 yẹn ní ₦20,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin tí wọ́n fi kún un lẹ́yìn ní ₦3,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦392,000. Iye tí ilé yẹn fẹnu kò lé lórí láti fi pín ogún ni o, ẹ má gbé e lọ sọ́jà.

Ẹ wo ohun tí irọ́ kan ì bá ṣe. Ìyókù ogún jẹ́ ₦5,608,000. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín in sí, ọkùnrin gba méjì, obìnrin kọ̀ọ̀kan gba ọ̀kan. Pẹ̀lú ₦392,000, gbogbo ẹ̀ di ₦6,000,000, ìpín ọmọbìnrin jẹ́ ₦1,500,000, ó mú lántánà, ó tún gba ₦1,108,000. Ká ní wọ́n gba ₦2,000,000 gbọ́ ni, gbogbo ẹ̀ á di ₦7,608,000, ìpín ẹ̀ á jẹ́ ₦1,902,000, á mú lántánà, kò ní gba kọ́bọ̀, á tún jẹ àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ẹ̀ ní ₦98,000. Ìtàn Ẹ́míà tí ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ wò ì bá gba ogún ìyá ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ pátápátá.

Òfin náà wà ńbẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí òfin 1979 tó dá àjọ mùsíọ́mù ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918, tàbí èyí tó níyì tí wọ́n ti lò nínú ayẹyẹ ìbílẹ̀, ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni, àjọ náà tàbí ẹni tí wọ́n fún láṣẹ nìkan ló lè rà á, kò sì gbọdọ̀ kúrò ní Nàìjíríà láìsí ìwé àṣẹ. Torí náà ẹ̀rí ọjọ́ orí tó dáa lè gbé iyì nǹkan sókè kó sì ti ọjà ìta pa. Lántánà wọn ṣeé ṣe kó ti wà ṣáájú 1918, ìwé àlùfáà ò sì lọ jìnnà ju 1951 lọ, nítorí náà mo ní kí wọ́n kà á sí ohun tí òfin bò, kí wọ́n máa wọ̀ ọ́, kí wọ́n máa jogún ẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ tà á lọ́jọ́ kan kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bá àjọ náà.

Òdìkejì tún wà. Èsìẹ́ wà ní ìhà gúúsù Kwara, níbi tí wọ́n ti ṣí mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ní 1945 nítorí àwọn ère òkúta. Àwọn ère yẹn wà lára ohun tí ẹgbẹ́ mùsíọ́mù àgbáyé kéde ní 2000 pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe rà. Bí ẹnì kan bá gbé ère kan wá pẹ̀lú fọ́tò àtijọ́ tó fi hàn kedere pé láti Èsìẹ́ ló ti wá, bí fọ́tò náà ṣe jẹ́ òótọ́ tó ni iye ère náà lọ́jà ṣe wó tó. Mùsíọ́mù ló máa padà sí.

Bí ẹ ṣe máa tọ́jú ẹ̀

Fáìlì kan la ṣe. Ojú ewé àkọ́kọ́ ní ìlà mẹ́rin péré: ẹni tó ni ín títí di 1951 sí 1952, ẹni tó jogún ẹ̀, ẹni tó wọ̀ ọ́ ní 1964, ẹni tó mú un báyìí. Ní ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan ni a kọ ẹ̀rí tó gbé e ró. Ibi tí ò sí ẹ̀rí, a kọ "kò sí ẹ̀rí", fún àpẹẹrẹ bí ìyá àgbà ṣe rí i gan-an. Ẹ jẹ́ kí àlàfo wà níbi tí àlàfo wà, ẹni tó mọṣẹ́ máa ń fọkàn tán ìwé tó gbà pé òun ò mọ ibì kan ju èyí tó mọ gbogbo ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni àwòrán ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀dà ìwé àlùfáà pẹ̀lú ìtumọ̀ ẹ̀, fọ́tò wọ́lìmọ̀ àti àwòrán nọ́ńbà 11 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀rọ̀ Àlájà bó ṣe sọ ọ́ pẹ̀lú ọjọ́ tí mo gbà á sílẹ̀. Ojúlówó ìwé àti fọ́tò wà nínú áńfílóòpù tákàdá, kì í ṣe náílọ́ọ̀nù, nínú àpótí tó jìnnà sí ògiri tó ń tutù.

Àwọn mẹ́rin tó jẹ́ kí iná kọjá yẹn, Àlájà ló sọ ibi tí wọ́n ti wá nígbà tí mo gbé okùn náà dé Gànmọ̀ nígbẹ̀yìn. Ó fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló rà wọ́n nígbà tó lọ Mẹ́kà, torí pé ọrùn ẹ̀ ti sanra, okùn náà ò yí i ká mọ́. A kọ ìyẹn náà sínú fáìlì.